Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí ẹ ṣe fún wa ò dáa, ẹ wá pààrọ̀ ẹ̀

Sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó tún balùwẹ̀ wa ṣe,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà yín ni mí, ní Bódìjà n'Ìbàdàn, ilé tí ẹ ti tún balùwẹ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ pálọ̀ ṣe. Mo ti pe àwọn ọmọ iṣẹ́ yín títí, "a máa wá wò ó" ni wọ́n ń sọ ṣáá, mo wá ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín torí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti orí fóònù.

Ẹ jẹ́ n mú un láti orí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Láti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ yẹn dé ara ògiri ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà 170 péré ni. Ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé síbẹ̀ yọ síwájú ní 70, ó ku 100. Ilẹ̀kùn yín fẹ̀ ní 75, inú lẹ sì jẹ́ kó máa ṣí sí. Ẹ yọ 75 kúrò nínú 100, 25 ló ṣẹ́kù, ibẹ̀ sì lèèyàn máa há sí kó tó lè pa ilẹ̀kùn dé. Ta ni àgbàlagbà tó máa gba ibẹ̀? Ẹ mú téèpù wá, káfíńtà yín wọn ẹnu ọ̀nà dáadáa, mo rí i, àmọ́ kò wọn inú balùwẹ̀ rárá.

Màmá ọkọ mi ló ń lo balùwẹ̀ yẹn jù, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí táìlì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n ṣubú sí, ara wọn wá ti ilẹ̀kùn pa. Tá a bá fi agbára tì í, àwọn náà la máa fi gbá, bẹ́ẹ̀ hínjì wà lọ́dọ̀ọ wọn nínú lọ́hùn-ún, kò sí bá a ṣe fẹ́ tú u látìta. Ọkọ mi ń rọra tì í díẹ̀díẹ̀, èmi ń bẹ Màmá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sún ẹsẹ̀, ọkàn mi sì ti fò lọ. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é, eegun ò ṣẹ́. Ká ní ìta ló ń ṣí sí ni, a kàn máa fà á ni, ká sì gbé wọn jáde.

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ẹ máa gbọ́ pé ó ṣófo. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, páálí tí wọ́n tò bí afárá oyin ló wà láàárín. Ilẹ̀kùn yàrá nìyẹn, kì í ṣe ti ibi tí wọ́n ń da omi sára. Kò tíì pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha táìlì nílẹ̀, mo wá fi dígí kékeré sábẹ́ ẹ̀ wò ó, kò sí ọ̀dà kankan ní etí ìsàlẹ̀ yẹn, pátákó lásán ni mo rí. Ojú méjèèjì ń dán, abẹ́ tí omi máa ń ṣàn dé tó sì máa ń dúró sí, ẹ fi sílẹ̀ láìkùn. Ibẹ̀ lomi gbà wọlé. Ó wú, awọ ẹ̀ ń ṣí láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, síkúrùù hínjì ti dógùn-ún, omi ìpẹtà ẹ̀ sì ti ṣàn sára férémù. Káfíńtà yín wá fi páléènì fá ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó ní ó ti parí, ó kàn ṣí ojú tuntun sílẹ̀ fún omi ni, torí kò tún kùn ún!

Nígbà tí mo pariwo, ẹ ní ẹ máa fi ti onísíláídì rọ́pò ẹ̀, pé òun ló dáa fún ibi tó há. Òótọ́ ni pé kì í gba àyè nínú balùwẹ̀, mi ò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹ ṣe. Ẹ kan irin mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà látìta, ẹ fi ilẹ̀kùn kọ́ ọ, ilẹ̀kùn ọ̀hún sì fẹ̀ ní 75, ẹnu ọ̀nà náà 75. Ilẹ̀kùn tó rọ̀ síwájú ògiri gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó kéré tán kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 bo ògiri lọ́tùn-ún àti lósì, ìyẹn 85, torí kì í fara kan ògiri, àyè máa ń wà láàárín wọn. Tiwa yìí, ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pálọ̀ lè gba àlàfo yẹn rí ẹni tó ń wẹ̀. Òórùn ń jáde, ìró ń jáde, kò sí kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀, ọmọdé lè fi ìka kan wọ́ ọ ṣí. Màmá ti wá ń dúró dìgbà tí àlejò bá lọ kí wọ́n tó lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, nínú ilé ọmọ wọn! Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tá a bá sì wọ́ ilẹ̀kùn náà ṣí, ó máa ń bo swíìṣì iná balùwẹ̀ mọ́lẹ̀, èèyàn á wá máa fi ọwọ́ wá a lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹnì kan lọ́fíìsì yín tún dá a lábàá pé kẹ́ ẹ la ògiri kí ilẹ̀kùn máa wọ inú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, páìpù ṣáwà àti wáyà iná wà nínú ògiri yẹn, mi ò fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Ẹ yọ ti onísíláídì yẹn, kí ẹ dí ihò tí ẹ lu sógiri. Ẹ bá mi fi ilẹ̀kùn alumíníọ́mù sí i, ti férémù náà kó jẹ́ alumíníọ́mù, kó máa ṣí síta. Kọ́rídọ̀ wa fẹ̀ ní 110, ó gbà á. Ẹ jẹ́ kí hínjì wà ní ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ pálọ̀, torí tí ilẹ̀kùn bá ṣí síta báyẹn, òun fúnra ẹ̀ láá máa bo ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn tó jókòó ní pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi hínjì sí òdìkejì, gbangba ni wọ́n máa máa wo inú. Mi ò fẹ́ gíláàsì lára ẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ṣú, torí lálẹ́ tí iná bá wà nínú, òjìji ẹni tó dúró nítòsí ẹ̀ máa ń hàn. Mo mọ̀ pé alumíníọ́mù kì í dí ìró tó pátákó tó nípọn, ẹ bá mi fi rọ́bà yí etí férémù ká, ìyẹn á dín in kù. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ lábẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé, kí oru lè gba fèrèsé jáde. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, èyí tí wọ́n lè fi owó ẹyọ yí ṣí látìta ni kẹ́ ẹ fi sí i, nítorí Màmá.

Mi ò ní san kọ́bọ̀ lé e, torí mo ti sanwó ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ìnfọ́ìsì yín wà lọ́wọ́ mi, "ilẹ̀kùn tí omi ò lè bà jẹ́" lẹ kọ síbẹ̀. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ dá owó ilẹ̀kùn méjèèjì padà kí n wá ẹlòmíràn. Fọ́tò abẹ́ ilẹ̀kùn, ti àlàfo ògiri àti ti swíìṣì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ẹni tó bá máa wá wọn inú balùwẹ̀, kó wọn kọ́rídọ̀, kó fi ìwọ̀n ẹ̀ hàn mí kí ẹ tó gé irin kankan.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Bódìjà