Lẹ́tà sí àbúrò mi tó lálàá kọ́kọ́rọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná, mo sì tún un kà láàárọ̀ yìí. O ní arákùnrin yẹn fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan lójú àlá, pé iná ń tàn nínú ilé náà, pé nígbà tí o jí, ọkàn rẹ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nítorí náà, o fẹ́ dá a lóhùn lọ́jọ́ Ìsinmi pé o gbà láti fẹ́ ẹ. Mi ò fi ọ́ rẹ́rìn-ín o. Ọlọ́run tó bá Jósẹ́fù sọ̀rọ̀ lójú àlá kò tíì yadi.

Ṣùgbọ́n mú ìwé, kí o kọ àlá náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, láìbù mọ́ ọn. Èmi rí kọ́kọ́rọ́ nínú ohun tí o kọ, mo rí ilé, mo rí iná. Ta ló dárúkọ ìgbéyàwó níbẹ̀? Ìwọ lo fi kún un lẹ́yìn tí o jí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àlá lọ́tọ̀, ìtumọ̀ lọ́tọ̀. Kọ ohun tó gbà ọ́ lọ́kàn lọ́sẹ̀ yẹn náà sí abẹ́ rẹ̀. Oníwàásù 5:3 sọ pé láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ni àlá ti ń wá, Aísáyà 29:8 sì sọ̀rọ̀ ẹni tí ebi ń pa tó lálàá pé òun ń jẹun, tó jí tí ikùn rẹ̀ ṣì ṣófo. Ọjọ́ kẹta tí arákùnrin náà dẹnu kọ ọ́ ni o lálàá yìí, nígbà tí o kò ronú ohun mìíràn.

Lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16, láti ẹsẹ 6 dé 10, kí o rọra kà á. Ẹ̀mí ti kọ́kọ́ dí Pọ́ọ̀lù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà Éṣíà àti Bítíníà kí ìran ọkùnrin ará Makedóníà tó dé lóru. Pọ́ọ̀lù nìkan ló rí i. Ṣùgbọ́n wo ẹsẹ 10: “a” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “ó”. Ẹnì kan rí ìran, gbogbo wọn ló jọ gbà pé Ọlọ́run ló pè wọ́n. (Ẹ̀wọ̀n sì tún ni wọ́n wọ̀ níbẹ̀, nítorí náà má fi ìrọ̀rùn díwọ̀n rẹ̀.)

Ní ti Ìwé Mímọ́, kò sí ẹsẹ tí yóò dárúkọ arákùnrin yìí fún ọ. Ààlà ló ń pa. Kọ́ríńtì Kìíní 7:39 ní kí opó fẹ́ ẹni tó bá wù ú, kìkì nínú Olúwa, mo sì gbà pé ààlà kan náà ló wà fún ọ. Bí ọkùnrin náà kò bá sí nínú Olúwa, ogún àlá kò lè sọ ọ́ di ẹni tó wà níbẹ̀. Diutarónómì 13 tilẹ̀ ní bí àmì alálàá bá ṣẹ pàápàá, tó bá fa èèyàn kúrò lẹ́yìn Ọlọ́run, kí a má tẹ̀lé e. Bí ó bá sì wà nínú Olúwa, àlá kọ́ ni yóò sọ bó ṣe ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí i, tàbí bó ṣe ń san gbèsè.

Ibẹ̀ ni èmi ti kọsẹ̀. Nígbà tí mo lá tèmi, mo wọlé tọ pásítọ̀ lọ, mo ní, “Olúwa ti fi ọkọ mi hàn mí.” Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Wọ́n ní àmín. Màmá ní àmín. Ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti jẹ ẹni mẹ́ta lówó tí kò san án dákẹ́, nítorí ó rò pé òun yóò máa bá Ọlọ́run jà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àdéhùn wa tú, lẹ́yìn tí èmi náà ti di ẹni kẹrin.

Nítorí náà, má tíì rọ́ àlá náà fún ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́ béèrè nípa ọkùnrin náà lọ́wọ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí kò ní jèrè tí o bá fẹ́ ẹ tàbí tí o kò bá fẹ́ ẹ: ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti àgbà obìnrin inú ìjọ tí kì í pọ́n ọ. Kọ èsì wọn sílẹ̀. Ìgbà náà ni kí o wá rọ́ àlá náà fún wọn, kí o ní “mo lálàá kan”, kì í ṣe “Olúwa wí”. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣàdédé yí padà nígbà tí wọ́n gbọ́ àlá, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni kí o gbọ́.

Sọ fún arákùnrin náà pé kó fún ọ ní oṣù kan sí i. Kí o sì wo ojú rẹ̀ nígbà tí o bá sọ ọ́, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin