Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ "ọ̀fẹ́"

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí àwọn tó ń fi fóònù ṣòwò ní Òṣogbo níbí. Aránṣọ kan tó ń bá mi rán aṣọ ní Òkè-Fíà gba áàpù kan tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Wọ́n kọ "7 days free" gàdàgbà síbẹ̀, wọ́n ní kó kọ nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀, ó sì kọ ọ́. Áàpù náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe pé, báńkì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ₦18,000 ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀.

"Bọ̀dá, mo ti pa á rẹ́ tipẹ́!" Ohun tó sọ fún mi nìyẹn, omijé sì ti gbà á lójú.

A jọ ṣí ojú ìwé náà padà. Lábẹ́ bọ́tìnì ńlá náà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, a rí i: "then ₦1,500/month, billed yearly". Oṣooṣù ni wọ́n fi ṣírò owó náà kó lè dà bíi pé kò pọ̀, àmọ́ ti oṣù méjìlá ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má wo iye nìkan o, ẹ wo ìgbà tí wọ́n máa gbà á. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé owó oṣù àkọ́kọ́ ló kéré, èyí tó tẹ̀ lé e ló wọ́n.

Yíyọ áàpù kúrò kò fòpin sí àdéhùn, torí àkáǹtì Google ni àdéhùn náà so mọ́, kì í ṣe fóònù. Bí èèyàn tilẹ̀ pààrọ̀ fóònù, owó á máa lọ. Inú Play Store lẹ máa wọ̀, kí ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, lẹ́yìn náà "Payments & subscriptions", kí ẹ tẹ "Subscriptions", kí ẹ wá mú orúkọ áàpù náà, kí ẹ sì tẹ "Cancel subscription". Ọjọ́ tí ẹ gba ọ̀fẹ́ gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù ṣì máa jẹ́ kí ẹ lò ó títí ọjọ́ ọ̀fẹ́ á fi pé. Ẹni tó ń lo iPhone gbọ́dọ̀ fagi lé e, ó kéré tán, wákàtí 24 kí ọjọ́ náà tó pé.

Bí owó bá ti lọ, a lè bẹ Google láàárín wákàtí 48 pé kí wọ́n dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni áàpù la máa kọ̀wé sí. Aránṣọ yìí kò tètè sọ fún mi, a ti kọ̀wé sí wọn, a kò tíì gbọ́ èsì.

Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé ní èdè tó yéni. Mo rọ àjọ náà kí wọ́n pàṣẹ pé iye tí wọ́n máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ tóbi tó ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" lójú ìwé, kí ìkìlọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ èèyàn kí wọ́n tó fọwọ́ kan káàdì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín,
Ìgbọ̀nà, Òṣogbo