Má yọ́ lọ mọ́, Àbẹ̀kẹ́

Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò pọ̀ jù fún yín? Ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò tíì kúrò létí mi. O ní Àṣàkẹ́ ń di mọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ní géètì jẹ́lé-ó-sinmi láràárọ̀, àti pé wọ́n ní kí o máa yọ́ lọ bí ó bá ti gbojú kúrò. Jọ̀ọ́, má yọ́ lọ.

Mo ti ṣe é rí. Nígbà tí Àkànní bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́mọ ọdún 3, màá dúró títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, màá wá gba ẹ̀yìn kíláàsì jáde. Lọ́jọ́ kìíní ó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò fọwọ́ kan ohun ìṣeré kankan mọ́, aṣọ mi ló dì mú, ojú mi ló ń wò. Nílé pàápàá, bí mo bá wọ balùwẹ̀, á jókòó ti ilẹ̀kùn. Lóru, á jí lẹ́ẹ̀mẹta láti fọwọ́ wá mi kàn. Ohun tí mo fi kọ́ ọ ni pé bí èèyàn bá gbojú kúrò, ìyá á pòórá. Kò wá gbojú kúrò mọ́.

Àṣàkẹ́ kò bàjẹ́ o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àkẹ́bàjẹ́. Láti bí oṣù 8 ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ìyá òun ti lọ, kò sì tíì mọ̀ pé ẹni tó lọ ń bọ̀. Bó bá tó ọmọ ọdún 3, ẹ̀rù yìí sábà máa ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè padà bí nǹkan bá yí padà nílé. Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ síbẹ̀ ni.

Màmá kan ládùúgbò wa, tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Ó ní kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ Sátidé, mo sọ fún Àkànní pé, "Mò ń lọ ra iyọ̀, mò ń bọ̀." Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá yìí, mo padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà 15. Nígbà tí mo bá lọ, mo máa ń sọ. Nígbà tí mo bá sọ, mo máa ń dé. Mo tún gé etí ìró àdìrẹ tí mo fi ń sùn, kò ju áńkáṣíìfù lọ, mo fi sí àpò ṣòkòtò rẹ̀. N kò fọ̀ ọ́, nítorí òórùn ara mi ló ń wá.

Ní géètì, ọ̀rọ̀ kan náà ni lójoojúmọ́: "Ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ jí, èmi rèé ní géètì." Má pe aago fún un, kò mọ aago. Màá gbá a mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, màá fi í lé àǹtí kan ṣoṣo náà lọ́wọ́, màá yíjú, màá lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 1 lọ.

Ibi tó le jù nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Mo sunkún lórí ọ̀kadà títí dé Ọlá-Ìyá. Mo bẹ àǹtí kó máa wo aago fún mi. Ọjọ́ Ajé, Àkànní sunkún fún ìṣẹ́jú 20. Ọjọ́rú, n kò lè mú un mọ́ra, mo padà láti ìta. Àǹtí ní ẹkún ti fẹ́ dá tẹ́lẹ̀; bó ṣe rí mi ló tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 40. N kò padà mọ́. Ọjọ́ Ẹtì, ó di 10. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó tún gòkè sí 15, torí ó ti lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 3 péré.

Aago yìí ni kí ìwọ náà máa bi wọ́n. Bí ẹkún bá ń dá kété tí o bá lọ, ìpínyà ló ń dùn ún. Bí kò bá dá rárá, tàbí tí ẹ̀rù ń bà á fún ẹnì kan níbẹ̀, tí ó sì ń dúró lọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìsí wàhálà, wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì náà kí o tó mú un padà. Bí ó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 4 tí nǹkan kò yí padà, tí inú ń run ún tàbí tí ó ń bì láràárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, tí ara rẹ̀ sì ń dá ní Sátidé, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Má sọ pé irọ́ ló ń pa, inú náà ń run ún lóòótọ́.

Mo fi ìró àdìrẹ kan ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí mo pa láró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ró o sùn fún alẹ́ méjì kí o tó gé etí rẹ̀ fún un. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kí o sọ iye ìṣẹ́jú fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àníkẹ́, ìyá Àkànní