Ẹni tó kó èsúsú kẹ́yìn ló ń san gbèsè ọ̀wọ́ngógó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ní owó nípamọ́ lọ fi ra dọ́là, kí náírà má baà yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàìní òótọ́ nínú. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 471 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ní dọ́là nínú àpótí lásìkò yẹn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ èmi tí mo ń kọ ìwé èsúsú fún àwọn obìnrin ọjà n'Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní owó gọbọi kan tó jókòó, tí a lè gbé tọ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lọ. Inú èsúsú àti àjọ ni owó wa wà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀wọ́ngógó ti ń jẹ wá jù, ẹnikẹ́ni ò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ dọ́là yẹn sápá kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1,900 náírà lọ́jà gbangba. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, tí wọ́n ń sáré lọ rà á. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹrin, ó ti já wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 1,200. Ẹni tó bá ra ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ní 1,850, tó wá fẹ́ ṣẹ́ ẹ padà nígbà yẹn kó lè rí owó ṣọ́ọ̀bù san, ohun tó lé ní ₦650,000 ló bá a lọ. Láti ìparí ọdún 2024 títí di ìparí 2025, dọ́là kò gòkè mọ́, ó tilẹ̀ já díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà kò yéé wọ́n sí i. Dọ́là ń gbani lọ́wọ́ jíjá náírà. Kì í gbani lọ́wọ́ iye ata. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé lókè òkun, tàbí tó ń kó ọjà wọlé láti Ṣáínà, ó yẹ kó ní in, torí dọ́là ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀, náírà ló ń san fún onílé, náírà ló ń san fún onímọ́tò.

Ó wá kan èsúsú. Ẹ fojú inú wo èsúsú ẹlẹ́ni mẹ́wàá, tí kálukú ń dá ₦100,000 lóṣù. Lóṣooṣù, ẹnì kan á kó mílíọ̀nù kan, títí yóò fi kan ẹnì kẹwàá. Ọgbọọgba ló jọ lójú: kálukú dá mílíọ̀nù kan, kálukú sì kó mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ọjà bá dúró lójú kan, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju bó ṣe wà ní oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ. Èyí tó bọ́ sí oṣù kan nínú rẹ̀ jẹ́ bí ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. (Ẹni tó bá kàn fi 12 pín 34.80 yóò rí 2.9, ó sì ti pọ̀ jù, torí orí iye tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ ni ọ̀wọ́n oṣù tuntun máa ń gùn.) Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹrù tí mílíọ̀nù kan rà ní oṣù àkọ́kọ́, nǹkan bí ₦1,249,000 ni yóò rà á ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó kó kẹ́yìn ka mílíọ̀nù kan pé pérépéré, ṣùgbọ́n ohun tó lè fi rà kò ju ohun tí ₦801,000 rà lọ́jọ́ tí èsúsú bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìyàwó ọjà kan máa ń dá mi lóhùn pé, “Ìyá Akọ̀wé, ṣebí owó tí òun náà ń dá lápá ìparí ti fúyẹ́?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ṣírò ohun tó dá pẹ̀lú ohun tó kó. Tí a bá wọn ₦100,000 mẹ́wẹ̀ẹ̀wàá pẹ̀lú iye ọjà oṣù àkọ́kọ́, ₦897,000 ni kálukú dá. Ẹni tó kọ́kọ́ kó gba mílíọ̀nù kan tó ṣì lágbára, ó fi ₦103,000 jèrè. Ẹnì kẹwàá gba ohun tó tó ₦801,000, ó pàdánù ₦96,000. Ẹnì karùn-ún ṣì rí èrè bíńtín, àmọ́ láti orí ẹnì kẹfà lọ, àdánù ni. Tí ẹ bá ro èrè àwọn márùn-ún iwájú pọ̀, iye kan náà ni pẹ̀lú àdánù àwọn márùn-ún ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó jalè, olórí èsúsú kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀, síbẹ̀ owó kúrò lápò àwọn kan bọ́ sápò àwọn mìíràn.

Ta ni wọ́n sì máa ń fi sẹ́yìn? Ẹni tuntun ni, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé tó bá kó tán, kó má di àwátì. Opó tí kò ní ẹni tí yóò ṣe onídùúró fún un náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn mìíràn a sì máa fẹnu ara wọn bẹ̀bẹ̀ pé ìparí ni kí wọ́n fún àwọn, kí owó náà lè bọ́ sí àsìkò ọdún. Wọ́n rò pé ìfipamọ́ ni àwọn ń ṣe. Awin ni wọ́n ń fún àwọn tó wà níwájú, láìgba èlé.

Ọ̀nà méjì ni mo ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀kan ni pé kí owó tí kálukú ń dá máa fi ₦2,500 gòkè lóṣooṣù: ₦100,000 lóṣù àkọ́kọ́, ₦102,500 lóṣù kejì, títí tí yóò fi di ₦122,500 lóṣù kẹwàá. Ẹni tó kó kẹ́yìn yóò gba ₦1,225,000, tó tó nǹkan bí ₦981,000 ní iye ọjà oṣù àkọ́kọ́. Àlàfo ibẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ariwo àwọn tó ti kó níwájú ni ìṣòro rẹ̀: wọn yóò ní àwọn ò lè san ju ohun tí àwọn gbà lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé, kí kálukú sì tẹ̀ka sí i. Tí ẹ bá dúró di oṣù kẹta kí ẹ tó mú un wá, ìjà ni. Ó tún ní ewu kan: bí owó tó kù láti san ṣe ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wu ẹni tó ti kó láti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Láàárín àwọn tó mọ ilé ara wọn nìkan ni kí ẹ ti dán an wò.

Ọ̀nà kejì rọrùn jù, òun ni ọ̀pọ̀ ń gbà: tí èsúsú bá yí tán, kí ẹni tó kẹ́yìn di ẹni àkọ́kọ́, kí gbogbo ipò sì yí padà bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀wọ́n ọdún méjèèjì bá jọra, èyí tó pọ̀ jù nínú àdánù ẹ̀ẹ̀kínní á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ èrè iwájú máa ń rí àwáwí fi kúrò lẹ́gbẹ́ kí ìyípo kejì tó bẹ̀rẹ̀. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fa ọ̀rọ̀ sí mi lọ́rùn.

Ti alájọ ojoojúmọ́ kò gùn. Ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ń gba ₦29,000, torí owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Owó ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, kò burú. Àmọ́ kí ẹni tó bá gbà á lópin oṣù má ṣe sọ pé “bá mi fi sílẹ̀ dìgbà ọdún.” Ẹrù ọjà ni kó fi rà.

Owó àjùmọ̀ní tí ẹgbẹ́ ń tọ́jú sí báńkì ló tún ń dùn mí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé èlé orí owó ìfipamọ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n èlé tí òun fúnra rẹ̀ ń kéde. Òdiwọ̀n yẹn dé 27.50 lópin ọdún 2024, nítorí náà 8.25 ni èlé tó tọ́ sí wa, nígbà tí ọjà ń fi 34.80 wọ́n. Lásìkò kan náà, tirẹ́ṣúrì bíìlì ìjọba ọlọ́jọ́ 364 ń san bíi 22. Èlé rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ṣáájú: ẹ ó san nǹkan bí ₦780,000 lónìí, ẹ ó sì gba mílíọ̀nù kan nígbà tó bá pé. Èrè ₦220,000 lórí ₦780,000 lé ní ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò borí ọ̀wọ́n ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi í wé 8.25. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kéré lè wo bọ́ǹdù ìfipamọ́ ìjọba àpapọ̀, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, tó sì ń san èlé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni owó náà yóò fi wà níbẹ̀, owó tí ẹ kò ní nílò nìkan ni kí ẹ fi sí i. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ rántí CBEX tó ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, àti bí àwọn tí owó wọn há síbẹ̀ ṣe ya bo ọ́fíìsì rẹ̀ níhìn-ín n'Ìbàdàn ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ₦2,500 mi yìí lò lọ́dún gbogbo. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ oníṣirò yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà, iye ọ̀wọ́n sì di 24.48, ọjà kò ṣàdédé rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan, òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Èsúsú tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò yẹn, nǹkan bí ₦1,800 ló tó láti máa fi kún ₦100,000. Tó bá tún sọ̀kalẹ̀, kí àfikún náà sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín nìyí, Olóòtú: ẹ jọ̀wọ́, ní ojú ewé tí ẹ ti ń tẹ iye gàrí àti ìrẹsì, ẹ bá wa máa tẹ iye ọ̀wọ́ngógó tí àjọ oníṣirò bá kéde lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ èyí tó bọ́ sí oṣù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórí èsúsú ló ń ra ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Akọ̀wé,
Ìbàdàn.